Ímeèlì tí mo kọ lẹ́yìn ìpàtẹ ọjà

Káàdì 43 ni mo kó bọ̀ láti ìpàtẹ ọjà tá a lọ. Mẹ́rin péré ni mo kọ nǹkan sí lẹ́yìn. Àwọn mẹ́rin yẹn nìkan ni mo lè kọ ímeèlì tó nítumọ̀ sí, torí nígbà tí mo fi délé, mi ò rántí ojú ẹni tó ni àwọn yòókù mọ́. Ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ níbí, torí pé òun ni mo tún kọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dára, síbẹ̀ náà ohun kan ṣẹ́kù tí mo gbàgbé.

Páálí tí wọ́n fi ń kó ìgò ni ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì, tó jẹ́ ọjọ́ kejì ìpàtẹ, ọ̀gá obìnrin kan dúró níwájú tábìlì wa. Àwọn ló ń ra ohun tí wọ́n fi ń di ọjà fún ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìpara inú ìgò. Wọn ò tíì kí mi tán tí wọ́n ti gbé páálí kan, tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ igun rẹ̀, tí wọ́n wá yọjú wo inú rẹ̀. Wọ́n ní: “Ìgò wa kì í fọ́ káàkiri inú ẹrù. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní igun, àwọn ló máa ń fọ́.” Mo bi wọ́n pé páálí mélòó ni wọ́n máa ń tò léra. Mẹ́fà, wọ́n ní. Mo tún bi wọ́n pé kí ló wà láàárín ìgò sí ìgò. Wọ́n ní bébà ni. Bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n yíjú padà pé kí n má pe fóònù àwọn, kí n kọ̀wé.

Ẹsẹ̀ wọn ò tíì kúrò níwájú wa tí mo fi bíìrò kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì: “Igun, ìsàlẹ̀. 6 léra. Bébà nìkan. Má pè, kọ̀wé.” Ká ní mo ní kí n jẹ́ kó di alẹ́ ni, mo mọ ara mi, “onípara, ìgò ń fọ́” ni ǹ bá kọ, kò sì sí oníṣòwò ìgò tí ìgò rẹ̀ kì í fọ́.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo jókòó ti ímeèlì náà. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ gùn tó ìpínrọ̀ mẹ́rin. Ó sọ pé inú wa dùn pé ẹ yà sọ́dọ̀ wa, ó sọ ọdún tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ka oríṣi páálí tí à ń ṣe, ó wá béèrè bóyá a lè rí àyè sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Mo so ìwé àkójọ ọjà wa mọ́ ọn, odidi mẹ́gábáìtì 18. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé mo fi han ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́. Ó kà á tán, ó ní: “Ta lo kọ èyí sí?” Ojú tì mí díẹ̀, torí lóòótọ́, mo lè fi í ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́tàlélógójì láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè yẹn ni mo fi ń yẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wò: bí ó bá ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì bó ṣe rí, mi ò tíì kọ ọ́.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo gbé káàdì náà síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ kí n tó kọ ìlérí kankan, mo lọ bá ẹni tó ń gé páálí nínú ilé-iṣẹ́ wa. Mo bi í pé páálí 10 tó ní ìpínyà nínú, ìgbà wo ló lè gé e. Ó ní bí òun bá ti rí ìwọ̀n ìgò gbà kí Ọjọ́bọ̀ tó parí, á ti ṣe tán lọ́jọ́ Ajé. Ìgbà yẹn ni mo tó ní ọjọ́ tí mo lè kọ sínú ìwé. Ohun tí mo wá kọ nìyí, orúkọ nìkan ni mo yọ kúrò:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà.

Èmi ni mo wà nídìí tábìlì páálí lọ́jọ́ Ẹtì, níbi tí ẹ ti fi àtàǹpàkò tẹ igun páálí wa wò. Ẹ sọ pé ìgò tó wà ní igun, nísàlẹ̀ pátápátá, ló máa ń fọ́, pé páálí mẹ́fà lẹ máa ń tò léra, àti pé bébà ló wà láàárín ìgò.

Mo rò pé ìwúwo àwọn páálí òkè ló ń bọ́ sórí ìgò, torí kò sí ohun tó ń bá ògiri páálí gbé e. Mo lè gé páálí 10 tó ní ìpínyà nínú, èyí tó gba ìgò 12, kí ẹ fi dán an wò nínú ẹrù yín tó ń bọ̀. A ò ní gbowó lórí mẹ́wàá yìí.

Ohun tí mo nílò ni gíga ìgò yín àti fífẹ̀ rẹ̀, ní mílímítà. Bí mo bá rí i gbà kí Ọjọ́bọ̀ tó parí, páálí náà á kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ń mójú tó èyí lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí wọn.”

Ẹ ò rí i pé mi ò sọ nípa ilé-iṣẹ́ wa rárá. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ páálí wò ò nílò ìtàn bí a ṣe bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò yẹn ni mo fẹ́ kó rán wọn létí mi, torí mélòó nínú àwa tá a ta páálí níbẹ̀ ni wọ́n lè rántí orúkọ rẹ̀? Mo sì fi “mo rò pé” síwájú ohun tí mo sọ nípa ìwúwo, nítorí mi ò tíì rí ilé ìkẹ́rùsí wọn. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rinrin ló ń mú páálí wọn rọ̀, kó sì jẹ́ pé àwọn gan-an ti mọ̀.

Ibi tí mo ti béèrè nǹkan ni mo pẹ́ sí jù. Ìpàdé tí mo kọ́kọ́ béèrè máa fipá mú wọn ṣí kàlẹ́ńdà wò, kí wọ́n bi ọ̀gá wọn, kí wọ́n sì bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí wọ́n ti ní kí n má pè. Ṣùgbọ́n ìgò wà lórí tábìlì wọn, rúlà kò sì jìnnà. Ìṣẹ́jú méjì ni. Páálí 10 náà kéré tó láti fi ṣọfẹ́, ó sì tó láti tẹ́ sí igun àti ìsàlẹ̀ ẹrù, níbi tí ìṣòro náà wà gan-an.

Àkọlé rẹ̀ ni “Ìgò igun tó ń fọ́: páálí 10 fún ìdánwò”. Mo fi ọ̀rọ̀ tó wúlò síwájú torí fóònù máa ń gé àkọlé gígùn kúrò láàárín. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ “Re:” síwájú rẹ̀ kó lè dà bíi pé a ti ń bára wa kọ̀wé tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni, wọ́n á sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Mo yọ ìwé àkójọ ọjà náà kúrò. Fáìlì máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wú sí i nígbà tí ímeèlì bá dì í fún ìrìn àjò, nítorí náà mẹ́gábáìtì 18 á di nǹkan bí 24, Gmail fúnra rẹ̀ ò sì jẹ́ kéèyàn fi ohun tó kọjá 25 ránṣẹ́. Àpótí ilé-iṣẹ́ mìíràn ò gbà tó ìdajì ìyẹn. Fọ́tò kan ni mo fi rọ́pò rẹ̀, ti páálí tó ṣí sílẹ̀ tí ìpínyà inú rẹ̀ hàn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi ránṣẹ́, torí ọjọ́ Ajé ni gbogbo ẹni tó ti ìpàtẹ dé máa ń rọ́ lu àpótí àwọn èèyàn. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó padà wá bá mi, pẹ̀lú ìlà tó ní “550 5.1.1” nínú. Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá jẹ́ 4, ìdádúró ni, ẹ̀rọ á tún gbìyànjú fúnra rẹ̀. 5 túmọ̀ sí pé kò ní lọ láéláé, 5.1.1 sì ń sọ pé kò sí àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀. Mo gbé káàdì súnmọ́ ojú. Lẹ́tà “r” àti “n” ni wọ́n tẹ̀ mọ́ra tí mo kà sí “m”. Mo tún un ṣe, ó lọ.

Ọjọ́bọ̀ kọjá, kò sí èsì. Ó ń yún mi lọ́wọ́ láti kọ̀wé lọ́jọ́ Ẹtì, àmọ́ mo mú sùúrù títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì. Abẹ́ ímeèlì àkọ́kọ́ náà ni mo ti dáhùn, kí wọ́n má baà máa wá èyí tó ṣáájú kiri. Mi ò kọ “ṣé ẹ ti rí ímeèlì mi?”, torí bí wọ́n bá ti rí i, ẹ̀bi ni mo ń dá wọn yẹn. Ọjọ́ tuntun ni mo fún wọn: “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọjọ́ tí mo dá tẹ́lẹ̀ ti kọjá, àmọ́ àyè ṣì wà lórí ẹ̀rọ wa. Bí ìwọ̀n ìgò bá dé kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, páálí 10 á kúrò lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ ẹ mọ́, ẹ kàn sọ, mi ò ní kọ̀wé lórí rẹ̀ mọ́.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni èsì dé: “Ẹ má bínú, mo rìnrìn àjò ni. Gíga 94, fífẹ̀ 68. Ẹ ṣé.” Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbé fóònù lọ bá ẹni tó ń gé páálí. Ó wo nọ́ńbà méjèèjì, ó wò mí, ó ní: “94 yìí, pẹ̀lú ìdérí ni àbí láìsí ìdérí?”

Mi ò béèrè. Mo tún kọ ìlà kan ṣoṣo sí wọn, mo tọrọ àforíjì, mo sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ títí èsì fi wọlé: “Láìsí ìdérí. Pẹ̀lú ìdérí, 112 ni.” Mílímítà 18 ló fi yàtọ̀. Bí a bá ti fi 94 gé e, ìdérí ìgò ni ì bá yọ sókè ju ìpínyà lọ, orí ìgò yẹn kan náà ni ì bá sì tún máa ru páálí márùn-ún tó kù.