Bẹ́ ẹ ṣe lè dá wọ́lẹ́ẹ̀tì awọ tó dáa mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra wọ́lẹ́ẹ̀tì l'Ọ́jà Ọba nílùú Adó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé gbé e símú. Òórùn awọ ò jọ mí lójú mọ́, torí wọ́n ń fín in sára rẹ́síìnì, ìyẹn awọ àdàmọ̀dì, náà. Ibi tí wọ́lẹ́ẹ̀tì ti máa ń kọ́kọ́ já ni kẹ́ ẹ lọ wò, inú àpò káàdì sì lèmi ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣí i, ẹ fi ìka fẹ ẹnu àpò káàdì kan kẹ́ ẹ yọjú wonú ẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í kó odindi awọ mẹ́rin lé ara wọn, torí tí ìkọ̀ọ̀kan bá nípọn tó mílímítà 1, mílímítà 4 nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, a ò tíì ka awọ ìta mọ́ ọn o, bẹ́ ẹ bá wáá ki bọ àpò ṣòkòtò yín ó máa wú síta ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gé awọ àwọn àpò òkè bíi lẹ́tà T: apá òkè ẹ̀ fẹ̀ dé etí níbi tí wọ́n máa rán an mọ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀ wáá tín-ín-rín, wọ́n á sì rán ìdí ẹ̀ mọ́ aṣọ ẹ̀yìn. Ìlà rírán ìdí yẹn gan-an ni káàdì jókòó lé. Ẹ mú káàdì báńkì yín, ẹ tì í wọlé títí dé ìsàlẹ̀. Tó bá rì kọjá àwọn tó kù, tàbí tó yà gba ìsàlẹ̀ àpò kejì lọ, wọn ò rán ìdí ẹ̀ nìyẹn. Tó bá fún díẹ̀, ẹ má bínú, awọ á fẹ̀ tó bá yá. Èyí tó ń yọ bọ̀rọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù.

Ó kan rírán. Ẹ ò nílò rúlà, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú káàdì yín jẹ́ mílímítà 54, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà rírán kẹ́ ẹ ka ojú abẹ́rẹ́. Lórí awọ tó nípọn díẹ̀, nǹkan bíi 14 sí 18 dáa. Tí ò bá tó 10, ó ti jìnnà síra wọn jù, tó bá sì lé ní 25 lórí awọ tó nípọn, ihò ti pọ̀ jù, awọ lè ya tọ ojú ihò yẹn. (Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣẹ́ etí ẹ̀ lè súnmọ́ra jùyẹn lọ, kò burú.) Ẹ wo ẹnu àpò àti kọ̀nà, ibẹ̀ ni ìfàya pọ̀ sí, ó yẹ kí wọ́n ti rán an padà ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta níbẹ̀. Máṣíìnì ò burú o, àmọ́ òwú méjì ló ń há ara wọn nínú ẹ̀, bí ọ̀kan bá já, ìyókù lè máa tú tẹ̀ lé e, nígbà tí rírán ọwọ́ oníabẹ́rẹ́ méjì máa ń gba ihò kan lẹ́ẹ̀mejì, tó bá já níbì kan ìyókù á ṣì dúró.

Etí ló kù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi èékánná họ ọ́ díẹ̀. Ọ̀dà etí tí wọ́n kùn nípọn lẹ́ẹ̀kan náà máa ń sán, á sì máa ṣí bí èépá. Etí tí wọ́n fi ìda dán máa ń dán lọ́wọ́ láìṣí ọ̀dà lórí ẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣẹ́ sínú ló ṣòro mọ̀, torí páálí lè wà lábẹ́ ẹ̀, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ojú ìtẹ̀ ò padà sípò, páálí ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ra ọ̀kan n'Íjìgbò, ó mú brawun kan tó ń dán àti dúdú kan tí ò dán rárá. Bó ṣe fẹ́ẹ́ tẹ etí brawun yẹn, ẹni tó ń tà á ti ké, "Bọ̀dá, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o!" Ìyẹn ti tó. Ọ̀dà ẹ̀ sán lóòótọ́, ìpele tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ló hàn lábẹ́ ẹ̀, kò sí fọ́nrán awọ kankan níbẹ̀ tó máa fi hàn pé awọ gidi ni, káàdì ẹ̀ sì rì títí. Dúdú yẹn ní òwú kan tó yọ síta ní kọ̀nà, àmọ́ ìdí àpò ẹ̀ rán dáadáa. Mo ní kó mú un. Ṣúmékà tó wà nítòsí lè so òwú yẹn kó sì fi iná díẹ̀ jó ẹnu ẹ̀, àmọ́ ìdí àpò tí wọn ò rán láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi kéèyàn tú gbogbo ẹ̀.