Bí mo ṣe kí Àǹtí mi kú ọjọ́ ìbí lẹ́yìn ọdún kan tí a ò ti bára wa sọ̀rọ̀

Ojú ìwé méjì péré ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ kí. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń ta àdìrẹ, èmi sì ń gbé ní Ìbàdàn. Láti ọjọ́ tí a ṣe ìrántí ìyá wa lọ́dún tó kọjá ni wọn ò ti gbé ìpè mi mọ́.

Èmi ni mo fà á. Ọwọ́ wọn ni owó ìnáwó wà. Nígbà tí a jókòó ṣírò lálẹ́ ọjọ́ náà, 85,000 náírà ò sí nínú ìwé. Kàkà kí n pè wọ́n sí kọ̀rọ̀, mo bi wọ́n níṣojú gbogbo ẹbí, níṣojú àwọn àna wọn pàápàá, pé ta ló jẹ owó náà. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ká gèlè wọn, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo pàdé alásè wa lọ́nà ọjà, tó ní kí n bá òun kí Àǹtí mi, pé àsansílẹ̀ 85,000 tí wọ́n fún òun kí ọjọ́ ìnáwó tó pé ni òun fi tètè ra ẹran. Ojú tì mí débi pé mo tún dákẹ́ fún oṣù mẹ́jọ sí i.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí wọn ń bọ̀, mo lọ bá àbúrò ìyá wa, mo ní kí wọ́n bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, “Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn lo ti sọ ọ́, ojú àwọn náà ni o ti máa kó o. Tó o bá ti ṣe ìyẹn, kí o wá kí i. Má sì gbé ìṣirò owó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì ni mo pe olórí ẹbí wa, mo sọ ohun tí alásè sọ, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, kí wọ́n bá mi sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó wà níjokòó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìpè yẹn le ju àtẹ̀jíṣẹ́ náà lọ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ gùn bí ìwé ẹ̀bẹ̀ iṣẹ́. Mo ti fi òwe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Lójú tèmi, mo ń pọ́n wọn lé ni. Nígbà tí mo tún un kà ni mo rí i pé mo ń sọ fún ẹni tí mo ṣẹ̀ pé òun ni àgbà, òun ló yẹ kó ronú. Mo pa á rẹ́. Àdúrà tó tẹ̀ lé e náà kò sàn: “Ọlọ́run á bá yín rọ ọkàn yín.” Ta ló sọ pé ọkàn wọn le? Ìdajì àdúrà tí mo kọ ló ní ẹ̀gún nínú. Mo fi ẹyọ kan sílẹ̀, pé kí Olúwa dá wọn sí fún wa. Ẹnikẹ́ni lè ṣe àmín sí ìyẹn láìfura.

Ọ̀rọ̀ “ẹ má bínú” ló pẹ́ lọ́wọ́ mi jù. Òun la máa ń sọ tí a bá tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n tí o bá tẹ́tí sí i dáadáa, ìbínú ẹni kejì ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kò mẹ́nu ba ohun tí ìwọ ṣe. “Mo jẹ̀bi” ni mo fi rọ́pò rẹ̀, tí “ẹ foríjì mí” sì tẹ̀ lé e. Ìdí kejì tún wà. Lórí fóònù, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, a sì máa ń kọ “má” àti “máa” bákan náà. “E ma binu” lè di pé kí wọ́n máa bínú lọ.

Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá wa ń pè wọ́n. Ó wù mí kí n fi oríkì náà sí i, mo mọ̀ pé ara wọn á yá. Ṣùgbọ́n àbúrò kì í ṣàdédé fi oríkì pe ẹ̀gbọ́n, ẹni tó sì ń pè é ti lọ. Yóò dà bí ẹni pé mo ń fi òkú ìyá wa bẹ̀bẹ̀. Mo tún rò ó kí n fi 20,000 náírà sí àkáǹtì wọn. Owó ló dá ìjà sílẹ̀, owó kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé.

Ohun tí mo wá fi síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aago. Aago ara ògiri bàbá wa, ọwọ́ gígùn rẹ̀ ti já kí n tó gbọ́njú. Àǹtí mi ló fi ọwọ́ kékeré nìkan kọ́ mi bí a ṣe ń mọ àkókò: tó bá wà láàárín mẹ́ta sí mẹ́rin, ààbọ̀ ti lù, ká lọ gbé omi. Èmi àti àwọn nìkan la mọ̀ ọ́n.

Wásáàpù ni mo kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n àmì ẹyọ kan ló ń jókòó sórí gbogbo ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ láti ọdún tuntun, àwòrán wọn ò sì hàn sí mi mọ́. Tí ẹyọ kan nìkan bá wà, a lè sọ pé dátà ló tán. Tí àwòrán náà bá tún pòórá fún oṣù bíi mélòó kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dínà mọ́ mi. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, mo yíjú sí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán.

Ibẹ̀ ni wàhálà àmì ti dé. Lẹ́tà 160 ni ojú ìwé kan ń gbà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ “ẹ” àkọ́kọ́, ó já sí 70. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní àmì lábẹ́ tó láti yí gbogbo rẹ̀ padà. Mo yọ gbogbo àmì kúrò, mo sì ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè ṣì mí lọ́wọ́. “Owo kekere”, ọwọ́ ni àbí owó? Mo fi “aago” tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo fi ránṣẹ́, kí wọ́n tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù:

“Anti mi, e ku ojo ibi o. Oluwa a da yin si fun wa. Eyin le ko mi bi a se n wo aago, titi doni owo kekere aago ni mo koko maa n wo. Mo ti wi fun olori ebi pe emi ni mo jebi. E foriji mi. Emi aburo yin.”

Mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Tí wọn ò bá fẹ́ fèsì, kò ní dà bí ẹni pé wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ mí.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lálẹ́ ni èsì wọn wọlé: “Amin. Owo kekere naa ti ja.”

“Owó” ni mo kọ́kọ́ kà, àyà mi là gàà. Mo tún un kà.