Lẹ́tà pẹ̀lẹ́ tí ọ̀gá iléèwé máa ń kọ ní Ìlú Ọba

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Gàá-Àkànbí níbí, ìyàwó àbúrò mi ń di ẹrù Ìlú Ọba. Èlùbọ́ ti wọ àpótí, ẹ̀gúsí ti wọ àpótí. Mo bi í pé, "Bí iléèwé bá kọ lẹ́tà sí ọ nípa ọmọ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, mo kúkú gbọ́ òyìnbó." Èmi náà gbọ́ ọ. Òyìnbó tí mo gbọ́ yẹn ló kó mi sí wàhálà.

Ti ìforúkọsílẹ̀ ọmọ síléèwé kò le. Ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì àti nọ́ńbà tó ń wọlé, ẹ máa yẹ báàgì ọmọ àti ímeèlì wò lálaalẹ́. Ó tán. Lẹ́tà ni kí a sọ.

Nígbà tí à ń gbé lọ́hùn-ún, tèmi dé ní Ọjọ́bọ̀ kan, inú báàgì ọmọkùnrin mi ni mo ti rí i. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Ọ̀gá iléèwé ní inú òun á dùn bí èmi àti bàbá rẹ̀ bá lè yọjú lọ́jọ́ Ajé, kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí àwọn nǹkan kan tí wọ́n ṣàkíyèsí nínú ìwà ọmọ wa, kí a sì jọ wo bí a ó ṣe ràn án lọ́wọ́. Kò sí "ó jalè", kò sí "ó lu ọmọ ẹlòmíràn". Nílé ní Òmù-Àrán, bí hẹ́dímásítà bá ránṣẹ́ pè ọ́, láti ẹnu géètì ni wàá ti máa gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ rẹ. Mo ṣèbí ìpàdé òbí lásán ni. Iṣẹ́ alẹ́ wà lọ́rùn mi, mi ò lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Lẹ́tà ló rọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè le bí òkúta. Ìdí tó fi rọ̀ nìyí: ọmọ ẹlòmíràn lè wà nínú ẹjọ́ náà, wọn ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ fún yín. Wọn ò tíì gbọ́ tẹnu yín, wọn ò fẹ́ dájọ́ sílẹ̀. Ìwé náà yóò sì wà nínú fáìlì ọmọ. Ẹ wo ẹni tó kọ ọ́: bí ó bá jẹ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe tíṣà kíláàsì, tó pe bàbá àti ìyá, tó ní kí ọmọ má bá yín wọlé, tàbí tó sọ pé ẹni tó ń mójú tó ààbò ọmọdé yóò wà níbẹ̀, ẹ yáa gba àyè níbi iṣẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe ìwé ìlé-ọmọ-jáde o. Tìyẹn gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀, iye ọjọ́, àti bí ẹ ṣe lè gbé ẹjọ́ lọ bá ìgbìmọ̀ alábòójútó iléèwé. Bí kò bá sí ìwọ̀nyí níbẹ̀, ọmọ ṣì ń lọ síléèwé. Ẹ má mú un jókòó sílé nítorí ìtìjú.

Lẹ́tà kejì dé ní Ọjọ́rú. Bàbá rẹ̀ ló kà á. Kò bi ọmọ pé kí ló ṣe. Bẹ́líìtì ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ ò lè jókòó dáadáa, tíṣà bi í, ó sì sọ òótọ́. Tíṣà kò lè bò ó, bí o tilẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bó bá ti rí àpá, dandan ni kó sọ fún ẹni tó ń mójú tó ààbò ọmọdé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òṣìṣẹ́ ìjọba méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n ṣí fíríìjì wò, wọ́n wo ibi tí àwọn ọmọ ń sùn, wọ́n bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n lè fi ọjọ́ iṣẹ́ 45 ṣe àyẹ̀wò, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko. Wọ́n lò ó tán lórí wa.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí ọmọ ṣe? Ó gun orí ìjókòó ilé ìtọ̀, ó yọjú wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti òkè. Wọ́n kàn fẹ́ bá wa gbà á pé kó máa dá lọ sílé ìtọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí tíṣà kan sì kọ́ ọ pé ara ẹni, ti ẹni ni.

Àwọn kan á ní òfin Ìńgíláǹdì gba ìbáwí. Díẹ̀ ni. Láti òfin ọdún 2004, bí nínà bá ti dá ọgbẹ́ sára, ẹ ò lè fi "ìbáwí ni" gbèjà ara yín mọ́. Ní Sikọ́tíláǹdì láti oṣù kọkànlá ọdún 2020, àti ní Wéèsì láti oṣù kẹta ọdún 2022, kò sí nínà rárá, ìfọ́tí pàápàá kò sí.

Nítorí náà, ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ni kí ẹ fèsì. Ẹ béèrè ẹni tó máa wà níjókòó, kí ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, àti bóyá ẹ lè mú èèyàn kan wá. Bí òyìnbó kò bá já gaara, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀. Ẹ má fi ọmọ ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má ṣe wádìí ọmọ bí ọlọ́pàá, nítorí bí ẹ bá bi í léèmẹ́wàá, ìtàn rẹ̀ á yí padà, ẹ̀yin ni wọ́n á sì rò pé ẹ kọ́ ọ.

Níbi ìpàdé, ẹ bi wọ́n: kí lẹ rí, níbo, ọjọ́ wo, ta ló rí i? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Gbólóhùn kan wà tí ẹnu wa mọ́ jù: "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, màá nà án tó bá délé." Bí a bá sọ ọ́ nílé, ẹ̀bẹ̀ ni. Lọ́hùn-ún, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú yín.

Kí ẹ tó dìde, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí yín. Tèmi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Ìyàwó àbúrò mi fi fóònù ya á kó tó lọ pa àpótí rẹ̀ dé.