Ta ló lè ṣe JAMB láìgba ọwọ́ ilé ìwé kankan?

Ìbéèrè: Ọdún 2014 ni mo jáde girama. Ilé ìwé náà ti kógbá sílé. Ṣé mo ṣì lè ṣe JAMB, àbí ọ̀gá ilé ìwé kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é. Kò síbi tí fọ́ọ̀mù UTME ti ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé. WAEC oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà àti NECO tó ń tẹ̀ lé e ni ilé ìwé máa ń kó orúkọ ọmọ jọ fún, ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bákan náà ni JAMB rí. Ní ti JAMB, ọ̀nà kan náà ni ọmọ SS3 àti bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ń gbà wọlé: kálukú ló ń forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ọjọ́ orí tó pọ̀ jù. Ti kékeré ló ní ààlà: láti ọdún 2025, ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 16 kó tó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún tó ń wọlé.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ fi fóònù ara yín tẹ nọ́ńbà NIN yín ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, báyìí:

```
NIN 12345678901
```

Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín NIN àti nọ́ńbà náà, kí owó orí fóònù má sì dín ní 50 náírà. Kóòdù tó ní àmì mẹ́wàá ni wọn yóò fi dá yín lóhùn. Òun lẹ máa fi ra PIN, ẹ ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sí síńtà kọ̀ǹpútà tí JAMB fọwọ́ sí. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti ya fọ́tò yín, tí ẹ ó ti tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Tí kóòdù kò bá wá, ohun tó sábà ń fà á ni pé ẹlòmíì ti fi nọ́ńbà fóònù yẹn ṣe JAMB rí. Nọ́ńbà kan kì í ṣiṣẹ́ fún NIN méjì, nítorí náà síìmù mìíràn lẹ máa lò.

Ìbéèrè: Ilé ìwé ọmọ mi ní kí n san owó wá, pé àwọn ló máa bá gbogbo SS2 àti SS3 forúkọ JAMB sílẹ̀. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ilé ìwé lè ṣètò ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sí síńtà, kò burú. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó forúkọ ọmọ sílẹ̀ nígbà tí ọmọ ò sí níbẹ̀, nítorí ìka ọmọ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ máa kà lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, òun náà ló sì máa kà lọ́jọ́ ìdánwò.

Ẹ bi wọ́n léèrè fóònù tí wọ́n máa lò. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ síìmù tíṣà ni wọ́n fi gba kóòdù, PIN máa lọ sọ́dọ̀ tíṣà, èsì pẹ̀lú. Láti inú fóònù tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ yẹn nìkan ni èèyàn lè fi `UTMERESULT` ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 kí èsì tó jáde sí i. Tíṣà bá kúrò níṣẹ́, ẹ ó máa wá a kiri.

Ní ti ọmọ SS2, máàkì UTME ọdún kan kì í ṣiṣẹ́ fún ìgbaniwọlé ọdún tó tẹ̀ lé e. Tí kò bá níí ní èsì WAEC tàbí NECO lọ́dún náà, ìdánrawò lásán lẹ ń sanwó fún.

Ìbéèrè: WAEC mi ti 2014 rèé: Gẹ̀ẹ́sì C5, ìṣirò C6, bàọ́lọ́jì C6, kẹ́mísìrì D7, físíìsì E8. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ wọ ilé ìwé girama padà?

Ìdáhùn: Ẹ má wọ ilé ìwé padà. GCE lẹ nílò, ìyẹn WAEC àwọn aládàáni, tàbí NECO aládàáni tí wọ́n ń ṣe ní ìparí ọdún. Níbi méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ pé èèyàn kò gba ọwọ́ ilé ìwé ti ní ìtumọ̀.

Láti A1 dé C6 ni kírẹ́díìtì. D7 àti E8 yín yege, àmọ́ yunifásítì kì í kà wọ́n. Kírẹ́díìtì mẹ́ta lẹ ní, kẹ́mísìrì àti físíìsì ló kù. Yunifásítì máa ń gbà kí a pa èsì ìjókòó méjì pọ̀, WAEC 2014 yín sì jẹ́ ìjókòó kan. GCE máa jẹ́ ìkejì. Tí ẹ bá tún ti ní NECO kan tẹ́lẹ̀, kò pa yín lára, èyíkéyìí méjì lẹ lè yàn.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ márààrún, kì í ṣe méjì tó kù nìkan. Àwọn yunifásítì kan ń béèrè ìjókòó kan ṣoṣo fún àwọn ẹ̀kọ́ ìlera. Ẹ lọ wo ti yunifásítì yín lórí `ibass.jamb.gov.ng` kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì bẹ̀rù pé ẹ ò ní ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti máa ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe: fún àwọn aládàáni, ìwé ìbéèrè ni WAEC fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n lè fún yín ní àwòrán àti iye tí ẹnìkan kà lára ohun èlò, kí ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé kẹ́mísìrì láìfi àwọn ìbéèrè irú èyí dánra wò máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbà ló ṣe pàtàkì jù. Ìgbà méjì lọ́dún ni WAEC ń ṣe ti aládàáni: ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àti apá ìparí ọdún. UTME sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù Kẹrin. Tí ẹ bá ṣe GCE ìparí ọdún yìí tàbí ti oṣù Kìíní tó ń bọ̀, èsì yóò ti wà lọ́wọ́ kí ìgbaniwọlé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe UTME lóṣù Kẹrin, tó wá fi GCE sí oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, èsì rẹ̀ máa ń dé nígbà tí àyè ti kún. Nígbà tí ẹ bá ń forúkọ UTME sílẹ̀, ẹ lè sọ pé ẹ ń retí èsì. Àwọn iṣẹ́ mẹ́rin tí ẹ máa yàn ni Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì.

Èsì bá jáde, ẹ padà sí síńtà kí wọ́n bá yín tẹ̀ ẹ́ sínú àkọsílẹ̀ JAMB. Fífi fọ́tò èsì ránṣẹ́ sí yunifásítì nìkan kò tó. Ẹ wọ `efacility.jamb.gov.ng`, ẹ tẹ `Check Admission Status`, lẹ́yìn náà `Access my CAPS`, kí ẹ wo `My O'Level`. Tó bá ṣófo, yunifásítì ò rí kírẹ́díìtì kankan níbi tiwọn, bí máàkì yín tilẹ̀ jẹ́ 300.

Ìbéèrè: Mo ti lọ́kọ. Orúkọ ọkọ mi ló wà lórí NIN, ti bàbá mi ló wà lórí WAEC. Èwo ni kí n fi sí fọ́ọ̀mù?

Ìdáhùn: Ẹ ò ní yàn án. Inú àkọsílẹ̀ NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín, síńtà ò sì lè tẹ òmíràn sí i. Tí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ dọ́gba, ọ̀dọ̀ NIMC lẹ ti máa tún un ṣe, kí ẹ tó fi SMS gba kóòdù. Tí ẹ bá fẹ́ lo orúkọ ọkọ yín lọ, ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, torí ọjọ́ tí yunifásítì bá ń yẹ ìwé yín wò ni wọn yóò béèrè rẹ̀. Tí ẹ bá sì ń ṣe GCE tuntun, orúkọ tó wà lórí NIN lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ fi ṣe é, kí orúkọ má baà di mẹ́ta.