Bí mo ṣe tún àròkọ àṣàrò mi kọ lẹ́yìn tí wọ́n dá a padà

Ìlà kan ṣoṣo ni olùkọ́ wa fi bíró pupa kọ sí ìsàlẹ̀ àròkọ mi: "Ìtàn lo sọ. Kí ni ìwọ rí kọ́ nínú rẹ̀?" Mo gbé e dé yàrá mi ní Táńkẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọ̀rọ̀ tó wà ní abala kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ 1000 ni wọ́n ní ká kọ. Àpèjúwe ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ti gba 720 nínú rẹ̀. Ètò ohun tí mo máa ṣe, èyí tó yẹ kó jẹ́ èrè gbogbo rẹ̀, kò ju 40 lọ. Òótọ́ ni olùkọ́ sọ.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́ nílùú Ìlọrin, àròkọ àṣàrò sì jẹ́ ara ohun tí a ń kọ lẹ́yìn tí a bá ti lọ ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ìlànà tí Graham Gibbs gbé jáde ní 1988 ni a ń tẹ̀ lé. Ìpele mẹ́fà ló ní: àpèjúwe, ìmọ̀lára, ìgbéléwọ̀n, ìtúpalẹ̀, ìparí èrò, àti ètò ohun tí a máa ṣe. Nítorí pé àròkọ náà kúrú, wọ́n ní ká pa ìtúpalẹ̀ àti ìparí èrò pọ̀ mọ́ ìgbéléwọ̀n, kí ó jẹ́ abala mẹ́rin. Mo mọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń bi èèyàn.

Ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ nìyí. Wọ́n ní kí n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó wá rí dókítà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Màmá kan tó sanra díẹ̀ wọlé, òógùn ṣì wà lójú wọn. Bí wọ́n ṣe jókòó báyìí ni mo wé kọ́ọ̀fù, aṣọ tí ẹ̀rọ máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí, mọ́ wọn lápá. Ẹnu kọ́ọ̀fù náà ò fẹ́ lẹ̀, ó ń ṣí, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ fi fẹ́ ẹ. Màmá ń sọ fún mi bí ọlọ́kadà kan ṣe fẹ́ gbá wọn lójú títì, èmi náà ń dá wọn lóhùn. Ẹ̀rọ gbé 168/102 jáde. Mo ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ru o." Wọ́n gbọ́wọ́ lórí: "Yéè, ọmọ mi! Ṣé mi ò ní ṣubú lulẹ̀ báyìí?" Mo pe nọ́ọ̀sì àgbà tó wà nítòsí. Wọ́n wo apá màmá, wọ́n wo kọ́ọ̀fù, wọ́n sì tú u. Wọ́n ní kí màmá fẹ̀yìn ti àga, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé apá wọn lé tábìlì ní déédéé àyà, wọ́n sì wé kọ́ọ̀fù ńlá mọ́ ọn. Ó gbé 144/88 jáde. Wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó jẹ́ 142/86.

Ẹ wò ó, mo ti gé e kúrú gan-an níbí. Nínú èyí tí wọ́n dá padà, mo kọ bí mo ṣe wọ kẹ̀kẹ́ láti Táńkẹ̀, bí ilé ìwòsàn ṣe kún, àti irú aṣọ tí màmá wọ̀. Mo tiẹ̀ kọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti agboolé tí wọ́n ti wá. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí ni mo kọ́kọ́ pa rẹ́, torí nílùú tí àwọn èèyàn mọ ara wọn bíi tiwa, iṣẹ́ àti agboolé ti tó láti fi dá èèyàn mọ̀, aláìsàn kì í sì í ṣe ẹni tí a ń tú àṣírí rẹ̀ nínú àròkọ. "Màmá A" ni mo fi pè wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi ìbéèrè kan wo gbogbo gbólóhùn tó kù: ṣé màá padà sórí èyí ní abala ìgbéléwọ̀n? Èyí tí mi ò ní padà sí, mo fa igi lé e. Kẹ̀kẹ́ lọ, aṣọ lọ. Ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà dúró, torí pé bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń wọn ìfúnpá rẹ̀, ó lè mú kí iye náà ga sí i. Ẹnu kọ́ọ̀fù tó ń ṣí dúró, òógùn ojú màmá náà dúró. Mo sì yọ gbólóhùn bíi "mo fi ìwàǹwára wé e" kúrò nínú àpèjúwe, torí ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà lè rí mi bí mo ṣe ń wé kọ́ọ̀fù, ṣùgbọ́n kò lè rí ohun tó ń sáré nínú mi. Ìmọ̀lára nìyẹn, ó ní àyè tirẹ̀.

Abala ìmọ̀lára ló gbà mí lákòókò jù. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ò ju pé inú mi ò dùn. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ àròkọ wọ̀nyí, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ìmọ̀lára ní Gẹ̀ẹ́sì ò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ẹnìkejì mi nínú yàrá, ọmọ Ìgbómìnà láti ọ̀nà Òmù-Àrán, ló ní kí n gbé bíró sílẹ̀, kí n sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó bi mí pé, "Ìgbà wo gan-an ni inú ẹ ò dùn? Kí ẹ̀rọ tó gbé nọ́ńbà jáde ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ló tú u. Kí màmá tó wọlé, ara mi yá gágá, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa fi èmi nìkan ti ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹnu kọ́ọ̀fù ń ṣí, mo mọ̀ pé nǹkan kan ò dọ́gba, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti béèrè, torí mo ti béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì láàárọ̀ yẹn. Nígbà tí màmá gbọ́wọ́ lórí, àyà mi já. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tú kọ́ọ̀fù lójú màmá, inú bí mi sí wọn. Ó ṣe mí bíi kí n fo ti inú tó bí mi yẹn, torí kò bójú mu fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Mo fi í sílẹ̀, torí òótọ́ ni, àti torí pé ó kọjá lọ nígbà tí mo rí 144.

Ẹ kíyè sí i pé nínú ìmọ̀lára ni mo ti rí ohun tó fa àṣìṣe mi. Ojú tó tì mí kò sí níbì kankan nínú àkọ́kọ́. Bí mo bá fi "inú mi ò dùn" sílẹ̀, ǹ bá lọ sí ìgbéléwọ̀n pẹ̀lú ìmọ̀ nípa kọ́ọ̀fù nìkan, kí n sì ṣe irú àṣìṣe yẹn lọ́jọ́ mìíràn pẹ̀lú ẹ̀rọ mìíràn.

Ní abala ìgbéléwọ̀n, mo ti kọ́kọ́ fi gbogbo rẹ̀ bú ara mi. Ìgbéléwọ̀n kì í ṣe ìbú. Mo kọ ohun tó lọ dáadáa: mi ò fi iye náà pamọ́, mo pe àgbà nígbà tó ga, iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì kọ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ohun tí kò lọ dáadáa, mo sì fi ìdí rẹ̀ tì í. Rọ́bà tó ń gba atẹ́gùn nínú kọ́ọ̀fù yẹ kó yí apá ká tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Bí ó bá kéré jù, ó máa ní láti fún apá le ju bó ṣe yẹ lọ kó tó lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹ̀rọ á sì ka agbára àfikún yẹn mọ́ ti ẹ̀jẹ̀. Kọ́ọ̀fù tí mo lò ní 22–32 cm lára, ìyẹn ìwọ̀n apá tí wọ́n ṣe é fún. Àmì wà lára rẹ̀ tó yẹ kó bọ́ sáàárín ìlà méjì bí a bá wé e tán. Lára màmá, kò tiẹ̀ dé ìtòsí ìlà. Ó wà lójú mi, mi ò kà á sí. Mi ò jẹ́ kí wọ́n sinmi, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ ṣì ẹsẹ̀ gbé. Mo ti kọ ọ́ pé kọ́ọ̀fù kékeré ló fi 24 kún ìfúnpá màmá, torí 168 ló di 144. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ni nọ́ọ̀sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà: kọ́ọ̀fù, ìsinmi, ìdákẹ́, àti bí màmá ṣe jókòó tí wọ́n gbé apá lé tábìlì. Kò sí bí mo ṣe lè mọ èyí tó dín mélòó. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Mo tún kọ ọ́ pé 142/86 pàápàá ṣì ga díẹ̀, dókítà ló sì máa rí sí i. Àṣìṣe mi ni pé mo fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo wọ̀n ọ́n, tí mi ò tiẹ̀ wọ̀n ọ́n dáadáa, sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọ́n ru.

"Màá túbọ̀ máa ṣọ́ra." Gbogbo ètò mi àkọ́kọ́ ò ju ìyẹn lọ, àfi pé mo fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ bò ó. Kò sí ẹni tó lè bá mi wò ó bóyá mo ṣe é tàbí mi ò ṣe é. Nígbà tí mo tún un kọ, mo mú àléébù kọ̀ọ̀kan láti inú ìgbéléwọ̀n, mo sì kọ síwájú rẹ̀ ohun tí màá ṣe, ìgbà tí màá ṣe é, àti bí màá ṣe mọ̀ pé ó ti yanjú. Nípa kọ́ọ̀fù, màá ra tépù tí àwọn télọ̀ ń lò, kó wà nínú àpò yunifọ́ọ̀mù mi, màá sì fi wọn bí apá ṣe tóbi yíká ní àárín èjìká sí ìgúnpá kí n tó mú kọ́ọ̀fù. Nípa ìsinmi, aago ọwọ́ ni màá fi ka ìṣẹ́jú márùn-ún. Nípa ojú tó tì mí, mo kọ gbólóhùn tí màá sọ sílẹ̀, kí ó lè wà lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, apá màmá yìí ju kọ́ọ̀fù yìí lọ. Níbo ni ńlá wà?" Mo sì fi í kún un pé màá wọn ìfúnpá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́wàá kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kí ẹnì kan tó wà níwájú wa ní kíláàsì máa wò mí.

Ní ìkẹyìn, àpèjúwe gba 210, ìmọ̀lára 190, ìgbéléwọ̀n 370, ètò 230. Mo fi sílẹ̀, ó sì padà dé pẹ̀lú máàkì tó dára. Ṣùgbọ́n bíró pupa tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò mi, lẹ́bàá ibi tí mo kọ ẹlẹgbẹ́ mẹ́wàá sí: "Mélòó nínú wọn ni apá rẹ̀ ju 32 cm lọ?"

Mo wọn apá tèmi, ó jẹ́ 27. Ti ẹnìkejì mi jẹ́ 25. Nínú àwọn mẹ́wàá yẹn, kò sí ẹnì kankan tó máa nílò kọ́ọ̀fù ńlá, èyí tó túmọ̀ sí pé mo lè wọn gbogbo wọn láìkan ohun tó kó mi sí wàhálà rárá. Mo fa igi lé ẹlẹgbẹ́ mẹ́wàá, mo sọ ọ́ di mẹ́fà, mo sì kọ ọ́ pé àgbà mẹ́rin tí ara wọn tóbi máa kún un kó lè pé mẹ́wàá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo mú tépù lọ bá ìyá onílé wa, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n na apá sí mi. Ó jẹ́ 35.