Bí fọ́tò Ìkògòsì ṣe kún sláìdì mi láì sanra

Fọ́tò ibi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé n'Íkògòsì ni mo fẹ́ kó kún sláìdì, àmọ́ tí mo bá fa ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ báyìí àwọn èèyàn inú ẹ̀ á sanra rọ̀bọ̀tọ̀, kò sì ní mọ́ kedere mọ́ (a ò sanra tó yẹn o). Mo fa igun, àlàfo ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àṣé Wásáàpù ti fún fọ́tò yẹn kù. Mo ní kí àbúrò mi tún un fi ránṣẹ́ bíi Document, ló bá dé ní 4000 × 3000 píksẹ́lì. Nínú Páwápọ́íǹtì mo tẹ Picture Format, Crop, Aspect Ratio, 16:9 tó bá ìrísí sláìdì mi mu, mo fa fọ́tò wálẹ̀ díẹ̀ kórí wọn má gé, mo tẹ ìta, mo wá fa igun títí ó fi kún. Ó ku 4000 × 2250, ó mọ́ kedere. Tí tiyín ò bá tó 1920 ní ìbú, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà o.