Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìwé Ìkajà Ọlọ́sẹ̀ Wò: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tí Ó Ń Ta Ẹyin

Bí a bá ro ọjà tí ó wà nílẹ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tí a rà, tí a sì yọ èyí tí a tà kúrò, iye tí ó kù gbọ́dọ̀ bá èyí tí a kà nílẹ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí mu. Ẹ kọ́kọ́ ka ọjà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó ṣe ìṣirò, nítorí ẹni tí ó bá ti mọ iye tí ó ń wá kì í pẹ́ rí i. Ìwé ẹyin tí kò yingin rí láti oṣù dé oṣù máa ń fu wá lára, torí pé ẹyin ń fọ́.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìyá kan tí ó ń ta ẹyin ní ọjà Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta, ṣe àpẹẹrẹ. Kíréètì 40 ni ó bá nílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì ra 120 láàárín ọ̀sẹ̀, èyí tí ó mú àpapọ̀ rẹ̀ di 160. Ìwé sọ pé ó ta 124, nítorí náà ó yẹ kí 36 ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé kíréètì sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì yẹ inú wọn wò bóyá ẹyin wọn pé 30 (òkìtì tí a kà láti òkèèrè kì í fi àlàfo inú rẹ̀ hàn), 26 péré ni ó rí.

Kí ó tó fura sí ọmọ tí ó ń bá a tajà, ohun tí ó jáde láìjẹ́ pé a tà á ni kí ó kọ́kọ́ wá. Ẹyin tí ó fọ́ àti èyí tí wọ́n sè jẹ nílé jẹ́ 30 lápapọ̀, èyí tí í ṣe kíréètì kan. Ó wá ku kíréètì 9 tí a kò tíì mọ ibi tí wọ́n wọlé sí. Bí 9 bá lè pín iye tí ó yingin láìṣẹ́kù, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà méjì ti gba ipò ara wọn nígbà tí a ń da ìwé kọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí níhìn-ín: rìsíìtì ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kà 43, ṣùgbọ́n 34 ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ọjà tí ó tà di 133, ìṣirò sì bọ́ sí 26 gẹ́lẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ọjà tí a kà ni ó pọ̀ ju ti ìwé lọ, ó ṣeé ṣe kí a ti gba ọjà tí a kò kọ, tàbí kí a ti kọ títà kan lẹ́ẹ̀mejì.

Àṣìṣe kan wà tí ìṣirò yìí kò lè mú: bí a bá ra kíréètì 5, tí a tà á lọ́jọ́ náà, tí a kò sì kọ ọ̀kankan sílẹ̀, ìwé yóò bára mu síbẹ̀. Rìsíìtì ẹni tí ó ń kó ẹyin wá ni a óò fi wé ojú ìwé ríra kí a tó lè rí i.

Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo gba orí iye tí ó ṣì, kí ó ṣì ṣeé kà, kí ẹ kọ èyí tí ó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi 26 tí ẹ kà bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e.